Ọ̀rọ̀ ìdárò fún Bàbá tó ń tọ́jú lábù: kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀ tí a bá fẹ́ kà á níwájú àwọn òṣìṣẹ́?

Tíṣà Ìṣirò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá tó ń tọ́jú lábù kẹ́mísírì níléèwé wa ti di olóògbé. Iléèwé girama ìjọba ni, lẹ́bàá Ìbàdàn. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọjọ́ tí wọ́n kú náà ni wọ́n sin wọ́n, wọ́n sì ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀gá àgbà wá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdárò tí n ó kà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá pé sí gbọ̀ngàn. A pe ìyàwó wọn àti àkọ́bí wọn. Mo ti kọ ọjọ́ ìbí wọn, iléèwé tí wọ́n lọ, ọdún tí ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́ àti gbogbo ìgbà tí wọ́n gba ìgbéga. Ó kún ojú ìwé kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á sókè, ńṣe ló dà bíi pé mò ń ka fáìlì wọn. Kí ni mo fò? Ṣé oríkì ló kù?

Ìyá Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìrọ́jú o, Tíṣà. Ọlọ́run á jẹ́ kó gbẹ̀yìn.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọjọ́ ìbí àti iléèwé kúrò. Ẹbí mọ̀ ọ́n jù yín lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ò sì ní rántí rẹ̀ kí wọ́n tó jáde ní gbọ̀ngàn. Ohun tí ẹbí kò mọ̀ ni bí Bàbá ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ mú nǹkan láàárín aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, torí ilé ò rí wọn lásìkò yẹn. Ẹ̀yin lẹ rí wọn. Èyí ni ìpín àwọn ẹlẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìdárò, kò sì sẹ́lòmíì tó lè bá yín sọ ọ́.

Ẹ bi ara yín léèrè: látìgbà tí Bàbá ò ti wá mọ́, iṣẹ́ wo ló dúró? Kí ni tíṣà kẹ́mísírì ń wá kiri tí kò rí? Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ohun tẹ́ ẹ ó sọ. Nǹkan kan tó, ó pọ̀ jù kó di méjì. Tẹ́ ẹ bá kó mẹ́fà jọ, gbọ̀ngàn ò ní rí ìkankan nínú rẹ̀ dáadáa.

Ní ti gígùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin tó gẹ́ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ 450 nìyẹn tẹ́ ẹ bá kà á bí èèyàn ṣe ń kàwé níbi ọ̀fọ̀, kì í ṣe bí a ṣe ń ka ìròyìn. Ẹ má ṣe fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ dìde dúró, ẹ tan aago fóònù, ẹ kà á sókè pẹ̀lú ìkíni tó ṣáájú. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gé nínú ìyìn, ẹ má gé nínú ohun tójú rí. Bí a bá ní “olóòótọ́ èèyàn, onísùúrù, aláàánú”, ó bá gbogbo òkú mu. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà á kàn máa mi orí.

Fọ́tò Dúgbẹ̀

Ẹ bá wọn lo bébà tó ń dán fún pósítà yẹn, kẹ́ ẹ sì fún atẹ̀wé ní fọ́tò tó hàn dáadáa. Èyí tí wọ́n gbà láti orí Wasáàpù máa ń fọ́ tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́.

Ìyá Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kà ni wọ́n ń béèrè o, kì í ṣe pósítà. Ẹ ṣé, ọmọ mi.

Tíṣà Ìṣirò

Mo lọ bi tíṣà kẹ́mísírì. Ohun méjì ló sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èkíní, orúkọ tí Bàbá lẹ̀ mọ́ àwọn ìgò kẹ́míkà kì í pa rẹ́. Wọ́n á fi tádàwà kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá yọ́ àbẹ́là lé e lórí, kí omi àti ásíìdì má baà jẹ ẹ́. Èkejì, láàárọ̀ ìdánwò Wáẹ́kì, àwọn ló máa ń po omi kọ́sítíìkì sódà. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti ṣí ike sódà yẹn. Tó o bá kí wọn, wọ́n á kàn gbọ́wọ́ sókè. Ìgbà tí wọ́n bá dérí ike tán ni wọ́n máa ń ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ máà bínú.”

Ìyá Fẹ̀yìntì

Tíṣà, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀! Ọwọ́ tí wọ́n gbé sókè yẹn, gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti gba ẹ̀gbẹ́ lábù kọjá ló rí i rí. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, gbọ̀ngàn á rẹ́rìn-ín, omi á sì wá sójú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, torí akọ̀wé àti ẹ̀ṣọ́ géètì ò mọ kẹ́mísírì. Sódà yẹn ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Bó ṣe wà ní ṣíṣí ni ìwọ̀n rẹ̀ ń yí padà. Gíráàmù mẹ́rin ni èèyàn ń wọ̀n, tí yóò fi omi yọ́, tí yóò wá bu omi kún un títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé lítà kan. Tí Bàbá bá dúró kí èèyàn mẹ́ta lórí òṣùwọ̀n, ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe gíráàmù mẹ́rin sódà mọ́, omi ti wọ inú rẹ̀. Iye tí gbogbo ọmọ máa rí nínú ìdánwò á wá yàtọ̀ sí ohun tí tíṣà ń retí. Ẹ sọ èyí ní gbólóhùn méjì péré. Ẹ fi “gíráàmù mẹ́rin” sí i, ẹ yọ gbogbo nọ́ńbà yòókù. Nọ́ńbà kan máa ń wọ etí, ṣùgbọ́n tó bá ti di mẹ́ta, ó ti di ẹ̀kọ́ kíláàsì.

Ẹ rí i báyìí pé ẹ ò tíì pè wọ́n ní olóòótọ́, gbogbo ènìyàn sì ti mọ̀ pé olóòótọ́ ni wọ́n.

Ọmọ Ìkòyí

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wá. “Erin wó! Àjànàkú sùn bí òkè!” la fi ń ṣí ọ̀rọ̀ òkú. Lẹ́yìn náà oríkì orílẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí Ìkòyí bá ni wọ́n, ẹ kì wọ́n ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn. Ẹ fún oríkì ní ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán.

Ìyá Fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ̀bi díẹ̀, ẹ jàre díẹ̀, Ọmọ Ìkòyí. Oríkì dára, ṣùgbọ́n “erin wó” kì í ṣe ti gbogbo òkú. Ọba, ìjòyè, àgbà tó gbó tó tọ́ la máa ń sọ ọ́ fún. Tíṣà, ẹni ọdún mélòó ni Bàbá? Ṣé òbí wọn wà láyé?

Tíṣà Ìṣirò

Wọn ò tíì pé ọgọ́ta. Ìyá wọn ṣì wà.

Ìyá Fẹ̀yìntì

Ó tán. Òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn, kódà kó jẹ́ pé “Bàbá” ni gbogbo yín ń pè wọ́n. Ìyá tó bí wọn ló fojú sunkún ọmọ. Ẹ ò ní sọ pé “wọ́n re ibi àgbà ń rè”, ẹ ò ní sọ pé “wọ́n gbó, wọ́n tọ́”, kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ má sì ṣe kí ẹbí pé “ẹ kú ìnáwó”. “Ẹ kú àfẹ́kù”, “ẹ kú ìrọ́jú”, “Ọlọ́run á tu Màmá nínú” ló bá a mu. Ẹ dárúkọ Màmá nínú àdúrà. Ọ̀pọ̀ ń kí ìyàwó àti ọmọ, wọ́n á gbàgbé ìyá.

Ní ti oríkì, ẹ bi ẹbí, ẹ má ṣe fi orúkọ ìlú méfò. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn lè wá láti ibòmíì pátápátá, orílẹ̀ rẹ̀ ò sì ní yí padà. Ó tún yẹ kí ẹni tó bá ń kọ ti obìnrin mọ̀ ọ́n: oríkì ilé bàbá rẹ̀ la fi ń kì í, kì í ṣe ti ilé ọkọ. Ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin tó, ìparí ló sì yẹ ẹ́ jù níbi ìpàdé òṣìṣẹ́. Tó bá ṣáájú, tí ẹni tó ń kà á ò sì í ṣe akéwì, ohùn á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibi ìgò àti sódà.

Ọmọ Ìkòyí

Mo gbà lórí ọjọ́ orí. Lórí ìparí, mi ò gbà. Oríkì ló ń jí ilé.

Alfa Kékeré

Assalaamu alaikum. Tíṣà, ẹ ní ẹ pe ìyàwó wọn. Tí ìdílé bá ń pa òfin opó mọ́ bó ṣe wà nínú ẹ̀sìn wa, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin fi ń wà nílé ọkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má wá, kì í ṣe pé wọ́n bínú sí yín. Nítorí náà, ẹ má kọ “Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níwájú yìí” sínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí yóò bá a mu bóyá wọ́n wá tàbí wọn ò wá. Kí ẹ tẹ ẹ̀dà kan lọ́tọ̀, kí àkọ́bí mú un lọ sílé fún wọn.

Àdúrà tẹ́ ẹ ó fi parí: “Kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, kí Ó fi Àlùjánńà ṣe ibùgbé wọn.” Ó tó. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni “má jọ̀kùn, má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o bá wọn jẹ.” Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, ṣùgbọ́n kò bá ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí mu.

Ọmọ Ìkòyí

Alfa, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti sọ ọ́ létí mi jù. Àwọn ìyá arúgbó tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí náà ń sọ ọ́.

Alfa Kékeré

Pé wọ́n ń sọ ọ́ kò ní kó di ẹ̀sìn. Ẹ bi ẹbí kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ká dìde dúró ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan nínú wa kì í ṣe é, àwọn kan kò kà á sí.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Tiwa yàtọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni ẹni tiwa, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, gbogbo wọ́ọ̀dù ló sì mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú. Ó máa ń bá àwọn tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jà lórí ìwé ìfàṣẹ́lénilọ́wọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Tí mo bá pè é ní oníwà tútù, àwọn èèyàn á wo ara wọn lójú. Ṣé kí n parọ́ mọ́ òkú ni?

Ìyá Fẹ̀yìntì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má parọ́, ẹ má sì jẹ́jọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kí ló ń fa ìjà yẹn gan-an?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Tí wọn ò bá kọ aago tí wọ́n fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ìrora kẹ́yìn. Á ní òun ò gbaṣẹ́.

Ìyá Fẹ̀yìntì

Ẹ rí i? Ohun tẹ́ ẹ ó sọ nìyẹn. “Kò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi kọ aago abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. A máa ń bínú sí i. Aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.” Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá a jà rí á mọ̀ pé ẹ ò purọ́, ìyá rẹ̀ á sì gbọ́ ohun tó lè gbé lọ sílé.

Akọ̀wé Kóópù

Ní tèmi o, ẹ jẹ́ ká máa fi ohun rere nìkan pàdé òkú. “A máa ń bínú sí i” yẹn ò dùn mọ́ mi. Ìyá ọmọ náà ò mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀, ìbínú nìkan ni yóò gbọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni mo fẹ́ sọ fún Tíṣà. Ẹ má ka ọmọ fún ọlọ́mọ. “Wọ́n fi ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀” máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Yorùbá kì í ka ọmọ tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ohun tó wà nínú fáìlì iṣẹ́ lè má jẹ́ gbogbo ilé tó wà lóde. Bí ìdílé mìíràn bá wà tí ẹ ò mọ̀, tí ẹnì kan nínú wọn sì jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ ti lé e jáde nínú ìwé níwájú gbogbo èèyàn. “Ìdílé wọn, àwọn ọmọ wọn” ti kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra.

Èkejì, owó. Àwọn ọ̀gá á ní kẹ́ ẹ fi iye tí òṣìṣẹ́ dá sínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má gbà. Alága ẹgbẹ́ lè kéde ìyẹn lọ́tọ̀, tàbí kí wọ́n fi sínú àpòòwé. Gbèsè kóópù wọn ńkọ́? Ẹ má mẹ́nu kàn án rárá, kódà bí ẹ bá fẹ́ sọ pé a ti dárí jì wọ́n.

Ẹlẹ́rọ Ohùn

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú máíkì níbi irú èyí, mo sì rí ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Fóònù ni olórí wọn. Iná ojú rẹ̀ á kú láàárín gbólóhùn, tàbí kí ìpè wọlé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, lẹ́tà rẹ̀ ní ìwọ̀n 16, kí àyè wà láàárín ìlà. Ojú kan ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kì í ṣe tìwátẹ̀yìn. Kí gbólóhùn má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan kó parí sórí èkejì. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé, ẹ má ṣe dè é pọ̀, kẹ́ ẹ lè máa rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, máíkì á gbé ariwo bébà náà.

Ẹ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ náà, pàápàá lórí orúkọ àti oríkì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò ní àyè láti máa ronú bóyá “ọkọ” ni tàbí “ọkọ́”. Kí ẹlòmíì mú ẹ̀dà kejì jókòó nítòsí. Tí ohùn bá há, ẹ má sáré, ẹ má sì tọrọ àforíjì. Ẹ gbé máíkì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ mumi, ẹ mí. Tí kò bá ṣeé ṣe mọ́, kí ẹni kejì gbà á níbi tẹ́ ẹ dé, kó má padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ohùn ti máa ń há kì í sábà jẹ́ ìparí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òǹkàwé bá fi “ẹ” bá òkú sọ̀rọ̀ dípò “wọ́n” ni. Ẹ wo ibi tó wà nínú tiyín, kẹ́ ẹ kọ “mí” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tíṣà Ìṣirò

Òótọ́ lẹ sọ, Alfa. Àkọ́bí ní ìyá òun kò ní wá, àbúrò Bàbá ló ń bọ̀. Ibi tí mo bá a dé rèé, ẹ bá mi wò ó:

“Ọ̀gá àgbà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹbí Bàbá, ẹ kú àfẹ́kù.

Tẹ́ ẹ bá wọ lábù wa lónìí, ẹ ó rí àwọn ìgò lórí pẹpẹ. Orúkọ ara wọn hàn ketekete. Bàbá ló kọ wọ́n. Wọ́n yọ́ àbẹ́là lé bébà lórí kí omi má baà pa á rẹ́. Tíṣà tuntun tó bá dé lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní ṣi ìgò mú.

Láàárọ̀ ìdánwò, Bàbá máa ń wọn gíráàmù mẹ́rin sódà. Sódà yẹn ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, bó bá pẹ́ ní ṣíṣí, ìdánwò gbogbo ọmọ á ṣì. Torí náà, ẹni tó bá kí wọn lásìkò yẹn, ọwọ́ ni wọ́n á gbé sókè. Tí wọ́n bá dérí ike tán, wọ́n á ní, ‘Ẹ káàárọ̀ o, ẹ máà bínú.’ Ọ̀pọ̀ nínú wa ló bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bàbá, a ò bínú mọ́. Ẹ ṣé.

Kí Ọlọ́run forí jìn yín, kí Ó fi Àlùjánńà ṣe ibùgbé yín. Kí Ó tu Màmá tó bí yín nínú, kí Ó dúró ti ìdílé yín.”

Lẹ́yìn èyí ni oríkì, tí àbúrò wọn bá fi ránṣẹ́.

Ìyá Fẹ̀yìntì

Ó dára. Ẹ yọ “Ẹ ṣé” kúrò lẹ́yìn “a ò bínú mọ́”, ó ń gba agbára rẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì, nítorí náà ààyè wà fún nǹkan kan sí i. Ẹ bi àwọn tó ń gbálẹ̀ lábù, kì í ṣe tíṣà nìkan. Wọ́n máa ń mọ ohun tí ẹlòmíì ò mọ̀. Kẹ́ ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ han àkọ́bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí àyè wà láti tún un ṣe tí ohun kan bá wà tí ilé ò fẹ́.

Ọmọ Ìkòyí

Tíṣà, tí oríkì bá dé, kí àbúrò Bàbá fúnra wọn kì í. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni.

Ẹlẹ́rọ Ohùn

Tó bá jẹ́ àwọn ni, ẹ fún wọn ní máíkì tiwọn. Ẹni tó ń kì oríkì kì í dúró lójú kan.